Ìdánwò Tí Kò Ní Èdè

"Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì náà ni a ó fi dán an wò! Ṣé ọjà ni ibí yìí ni, tí oníkálukú yóò máa gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá láti ilé?"

Ọ̀gá Oṣùọlálé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní àdúgbò Belleville, ní ìlú Bouaké, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń gbá tábìlì bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ kò mira.

"Òṣùwọ̀n gan-an ni mo bá wá, ọ̀gá. Igbá tí ẹ fi ń wọn epo, òun náà lẹ fẹ́ fi wọn aṣọ. Bí aṣọ kò bá kún igbá, ẹ ó ní aṣọ ló jẹ̀bi."

"Muhsinah! Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí? Bàbá rẹ kò jẹ́ dán an wò."

"Bàbá mi kò lọ sí yunifásítì Abidjan, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè mí."

Òótọ́ ni. Òun ló ránṣẹ́ pè é. Koko, àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà, ni wọ́n bí Muhsinah sí, ọmọ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Bouaké. Faransé ló fi kàwé títí ó fi di ẹni tó ń yẹ òye àwọn ọmọdé wò, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní àdúgbò Broukro. Nínú gbogbo ibi iṣẹ́ náà òun nìkan ló gbọ́ Yorùbá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, wọn a rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ilẹ̀ àti ta ni àlejò ti gba orí rédíò, ẹ̀rín náà kò fi bẹ́ẹ̀ dé ojú mọ́.

Ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà ni Qoreebah, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àmọ̀sù ni bàbá rẹ̀, Kùdírátù ni ìyá rẹ̀, abọ́ àti ìkòkò onítánganran ni wọ́n ń tà ní ọjà ńlá. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ tó ki dáadáa. Ilé kéwú ló kọ́kọ́ lọ, kò ju ọdún méjì lọ tó wọ ilé ìwé Oṣùọlálé. Ilé ìwé kékeré ni, tó dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Gánà tó fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló dé tó fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé? Ẹ bi Àmọ̀sù, á sọ fún yín: "Bí wọ́n bá ní ká máa lọ lọ́la, ibo la ó lọ? Ọmọ tó gbọ́ Faransé nìkan, kí ni yóò fi ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́?" Ilé ìwé ìjọba sì rèé, ìwé ìbí ni wọ́n ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Inú ilé ni wọ́n bí Qoreebah sí, ìwé ìbí kò sí. Ilé ìwé Oṣùọlálé nìkan ni ilẹ̀kùn tó ṣí.

Àmọ́ láti ọdún tí wọ́n ti gé iye owó séfà sí ìdajì, ìwé tó ń ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá ti di ohun tí ọwọ́ kò tó. Oṣùọlálé dá tíṣà méjì sílẹ̀, ó pa kíláàsì pọ̀, ó sì ní ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò bá gbé ẹ̀kọ́ kí ó fi àyè sílẹ̀. Qoreebah kì í dáhùn ìbéèrè. Ó máa ń wo tíṣà bí ẹni ń wo òjò. Òun ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde.

"Mo ní àpótí ìdánwò," ni Oṣùọlálé wí, ó rọ ohùn díẹ̀. "Òyìnbó oníwàásù kan ló fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń padà sí Amẹ́ríkà. Ìbéèrè wà níbẹ̀, ìdáhùn wà níbẹ̀, àtẹ nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ìwọ ṣáà fi bi í, o parí."

"Mo ti wò ó. Wọ́n ní kí ọmọ sọ ohun tí èèyàn ń wọ̀ nígbà tí yìnyín bá ń bọ́. Níbo ni Qoreebah ti rí yìnyín, àfi nínú fíríìsà àwọn tó ń ta omi tútù lójú títì?"

"Gẹ̀ẹ́sì yé e! Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ nígbà tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ta òkòtó."

"Gẹ̀ẹ́sì òkòtó nìyẹn, ọ̀gá. 'Gbé e wá, ìwọ lo bẹ̀rẹ̀, mi ò ṣe mọ́.' Láàárín ọdún kan sí méjì, ọmọ á ti gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n fi ń sọ bí nǹkan méjì ṣe jọra, tí wọ́n fi ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ó lè gbà tó ọdún márùn-ún sí méje. Bí ẹ bá fi àpótí yẹn dán an wò, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lẹ dán wò. Ẹ ó wá pe Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọlọ."

"Túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un nígbà náà! Ṣebí ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn."

"Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀, ìbéèrè tó rọrùn á di líle, èyí tó le á di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi ṣe àtẹ nọ́ńbà yẹn. Kò sẹ́ni tó kó àwọn ọmọ Yorùbá Bouaké jọ rí kó wọ̀n wọ́n. Nọ́ńbà tó bá jáde á jọ nọ́ńbà lójú, kò ní jẹ́ nǹkan kan."

Oṣùọlálé fi ẹ̀yìn ti àga. "Gbogbo rẹ̀ kò dára. Kí ló wá dára?"

"Èyí tí kò ní èdè." Muhsinah fi ọwọ́ ya àwòrán sí ojú tábìlì. "Ìwé àwòrán ni. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní ọnà bí ti aṣọ, wọ́n gé ibì kan kúrò lára rẹ̀. Ègé mẹ́fà wà nísàlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló bá ojú ibẹ̀ mu. Ọmọ á fi ìka tọ́ka. Èmi pàápàá, ọwọ́ ni màá fi júwe fún un. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó o. Màá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, màá bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, màá wo bó ṣe ń ṣe nílé àti..."

"Mi ò fẹ́ àlọ́, Muhsinah. Àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba ń bọ̀ wá wo ilé ìwé mi. Wọ́n ń wá ìdí tí wọn ó fi tì í pa. Nọ́ńbà ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Ìwé àwòrán tìrẹ, ṣé ó ní nọ́ńbà?"

"Ó ní."

"Ó tán. Mo gba tìrẹ, mo fi tèmi sílẹ̀. Bí ó bá ṣe dáadáa, á jókòó. Bí kò bá ṣe dáadáa nínú èyí tí kò ní èdè, má tún wá fi èdè dá mi dúró o. Ṣé o gbọ́?"

Ibí yìí ló yẹ kí Muhsinah ti sọ pé rárá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní Abidjan ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í dá ọmọ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí i, adùn ìṣẹ́gun sì ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo gbà," ló wí.

*

Kùdírátù mú ọmọ náà wá sí Broukro ní òwúrọ̀. Ó ti di irun rẹ̀, ó ti fi òróró pa á lójú títí ojú fi ń dán. Qoreebah kúnlẹ̀ kí Muhsinah, ìyá rẹ̀ sì jáde lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò.

Muhsinah kò tíì ṣí ìwé. Yorùbá ló kọ́kọ́ fi bá a sọ̀rọ̀: báwo ni wọ́n ṣe ń to abọ́ sínú àpótí ní ọjà kó má baà fọ́? Ọmọ tó ń wo tíṣà bí ẹni ń wo òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rò. Ó ní ńlá ni wọ́n ń fi sí ìsàlẹ̀, koríko wọ àárín, kékeré wọ inú ńlá, ṣùgbọ́n èyí tí etí rẹ̀ yí síta kì í wọnú ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tò ó sí. Ní ọjọ́ tí Bàbá kò gbọ́ tòun, mélòó kan fọ́, Ìyá sì bú Bàbá, ṣùgbọ́n kí Àǹtí má sọ pé òun lòun sọ ọ́. Muhsinah rẹ́rìn-ín títí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ṣí ìwé àwòrán, ó fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kò tíì ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e délẹ̀ tí ìka Qoreebah fi bá ègé kan.

Ó tún ṣí òmíràn. Ìka ti débẹ̀. Òmíràn. Pá! Pá! Bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ojú ọmọ náà kò sí lára àwòrán rárá, ojú Muhsinah ló ń wò, ó jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ itan. Òfin ìdánwò náà kò gbà kí Muhsinah sọ pé "rọra" ní àárín rẹ̀. Ó rọra ṣí ewé kí ọmọ lè rí àyè, ọmọ tún yára sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe é dé òpin nìyẹn.

Muhsinah ka èyí tí ọmọ náà gbà. Ó tún un kà. Ó wo àtẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ, bóyá méjì péré ni àtẹ náà fi sẹ́yìn Qoreebah.

"Qoreebah, kí ló dé tí o fi ń yára bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá ní kí n yára."

"Torí kí ni?"

"Wọ́n ní ẹni tó bá dúró rò ó, wọ́n á ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n á mú un."

*

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Muhsinah bá wọn nínú àgbàlá wọn ní Koko. Àmọ̀sù ń fi aṣọ nu abọ́, inú rẹ̀ dùn.

"Tàǹtí wa! Ó ṣe dáadáa, àbí? Ó yára?"

"Ó yára, Bàbá Qoreebah. Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi náà ni! Gbogbo ilé la pawọ́ pọ̀." Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Ṣé o rí i, ọmọ ìwé ni ẹ́, wọn kì í dá ọ dúró lọ́nà bí wọ́n ṣe ń dá wa dúró. Bí ọlọ́pàá bá gba kátì séjúù, ìwé ìgbélùú àwa àlejò, lọ́wọ́ rẹ, tó bi ọ́ pé ta ni orúkọ ìyá rẹ, bí o bá sọ pé 'ẹẹ̀n', o ti jẹ̀bi nìyẹn. Sàbítù àbúrò mi wo òkè kó tó dáhùn ọdún tí wọ́n bí i. Ó wò ó lásán ni o! Àgọ́ ọlọ́pàá ló sùn. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí bá fẹ́ lọ sí ọ́fíìsì, a ó jókòó, a ó máa bi í. Pá, ó dáhùn. Pá, ó dáhùn. Ẹni tó bá gbójú sókè, Ìyá Qoreebah á fi àkísà nà án."

"Mo sọ fún un kó má wo ìwé," ni Kùdírátù fi kún un láti ìdí ààrò. "Ojú ọ̀gá ni kó máa wò. Ẹni tó ń wo ilẹ̀ lójú wọn, olè ni."

Muhsinah jókòó sórí àpótí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ ké. Ó ṣàlàyé fún wọn: èyí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, níbí yìí, ẹni tó bá dúró rò ó ló ń gbà á. Ìtìjú mú Kùdírátù, ó fi ìbòrí bo ẹnu.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó mú páálí aláwòrán jáde nínú báàgì, ó sì kó ègé igi kéékèèké jáde, ó ní ẹ̀gbẹ́ pupa, ó ní ẹ̀gbẹ́ funfun, ó tún ní èyí tí wọ́n pín sí méjì. Ó pe Qoreebah. "Èyí kì í ṣe ìdánwò. Kò sẹ́ni tó máa mú ẹnikẹ́ni. Wo ọnà inú páálí yìí títí tó fi tẹ́ ọ lọ́rùn, kí o wá tò ó bẹ́ẹ̀." Àkọ́kọ́, ọmọ náà sáré, ó ṣì í. Muhsinah di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn án lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn Qoreebah dákẹ́. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́. Ó yí igi kan, ó tún un yí, ó tò ó. Ó gba èyí tó le jù ú lọ, ó tò ó. Ó tún gba òmíràn, tí Muhsinah kò retí pé ó lè ṣe. Àmọ̀sù na ọrùn bí ẹni ń wo ìran.

"Kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ ọmọ yìí," ni Muhsinah wí. "Ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́ẹ̀kan tó gbà á kíákíá, a mọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò ní nọ́ńbà. Ìwé àwòrán nìyẹn, mi ò lè tún fi dán an wò nísinsìnyí, torí ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, nọ́ńbà á kàn gòkè ni, ọ̀gá á sì mọ̀. Irú mìíràn tí kò ní èdè wà ní Abidjan. Bí mo bá kọ̀wé béèrè, á tó oṣù mẹ́fà kó tó dé. Oṣù mẹ́fà náà ni mo fẹ́ kí ọ̀gá fún wa. Bàbá Qoreebah, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un fúnra yín bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Bí èmi bá sọ ọ́, á ní àwáwí ni mò ń wá."

"Màá sọ ọ́," ni Àmọ̀sù wí. "Kí ló wà níbẹ̀? Ṣebí òótọ́ ni."

*

Nígbà tí wọ́n dé Belleville, Oṣùọlálé kò dá wà. Ọkùnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó wọ kákí, ó gbé fáìlì lé itan: ẹni tí ọ́fíìsì ìjọba rán wá yẹ ilé ìwé àwọn àjèjì wò. Kò gbọ́ Yorùbá, Oṣùọlálé ni yóò máa túmọ̀ fún un sí Faransé. Qoreebah dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé rẹ̀.

"Nọ́ńbà dà?" ni Oṣùọlálé wí.

Muhsinah sọ ọ́. Kò pa á mọ́. Ó sì tẹ̀ lé e kíá pé nọ́ńbà náà kò ṣe é gbà, pé ọmọ náà kò wo àwòrán kankan, pé ó ti rí i pẹ̀lú ègé igi bó ṣe ń kọ́ nǹkan nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀.

Oṣùọlálé kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn rẹ̀ ẹ́. "Muhsinah, o ní Gẹ̀ẹ́sì kò dára, mo gbà. O ní kí a má túmọ̀, mo gbà. Èyí tí kò ní èdè, ta ló yàn án? Èmi ni? Ó ti ṣe é, kò yege. Kò sí èdè níbẹ̀ o. Kí ló tún kù tí a ó di ẹ̀bi rù?"

"Wọ́n kọ́ ọ kó máa yára! Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ara wọn nítorí ọlọ́pàá. Ẹ bi bàbá rẹ̀. Bàbá Qoreebah, ẹ sọ fún wọn."

Ní gbígbọ́ "ọlọ́pàá", Oṣùọlálé yíjú sí ọkùnrin tó wọ kákí, ó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fa kálámù yọ. Ó wo Àmọ̀sù láti fìlà dé bàtà, ó sì fi Faransé béèrè pé kí ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn nílé nípa ọlọ́pàá.

Àmọ̀sù kò gbójú sókè. Kò wo ilẹ̀. Ojú ọkùnrin náà ló wò.

"Kò sí nǹkan kan, mùsíyẹ̀. A ò kọ́ ọ ní nǹkan kan."

Pá, ó ti dáhùn.

"Bàbá Qoreebah!" Muhsinah dìde. "Ní àgbàlá yín, lójú mi, ẹ sọ pé..."

"A ò sọ nǹkan kan, Tàǹtí." Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò mì. "Bí ọmọ náà ṣe wà nìyẹn."

Muhsinah yíjú sí Kùdírátù. "Ìyá Qoreebah, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́. Ọmọ yín nìyí."

Kùdírátù wo ọkọ rẹ̀, ó wo kálámù. Ẹnu rẹ̀ yà, ó sì tún pa dé. "Ohun tí bàbá rẹ̀ bá sọ ni," ló wí.

"Oṣù mẹ́fà, ọ̀gá," ni Muhsinah wí. "Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́fà, kí irú kejì dé láti Abidjan. Ẹ má jẹ́ kó jáde lórí nọ́ńbà tí èmi tí mo gbé e wá ń sọ fún yín pé kò dára."

"Ọmọ méjì ló ń jókòó lórí àga kan nínú kíláàsì yẹn. Àwọn méjì mìíràn ń dúró nílé." Oṣùọlálé fi Faransé sọ nǹkan díẹ̀ fún ọkùnrin náà, ó sọ nọ́ńbà fún un, ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó mi orí. Oṣùọlálé wá dìde, ó yí tábìlì po, ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nínú ọgbà ilé ìwé yẹn, kò sí ọmọ tó gbọ́ èdè mìíràn lẹ́nu rẹ̀ rí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé tirẹ̀, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, kó má baà ṣòro fún un láti gbọ́:

"Qoreebah, lọ kó ìwé rẹ. O ò ní padà wá síbí mọ́."